Fífi Ààlà Ìsàlẹ̀ àti Ààlà Òkè Há Àṣìṣe Ìsúnmọ́ Mọ́: Àyẹ̀wò Gbòǹgbò 3 àti Àròpọ̀ Aláìlópin Kan

Ìfáàrà

Bí olùkọ́ bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá ìwọ̀n ojú ilẹ̀ òbìrìkìtì kan tí ó jẹ́ mítà 7 láti àárín dé etí, ìdáhùn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo kíláàsì ni yóò kọ ọ́ ni mítà onígun mẹ́rin 154. Olùkọ́ yóò fa igi 'ó tọ̀nà' sí i, wọn yóò sì tẹ̀síwájú. Ṣùgbọ́n 154 kọ́ ni ìwọ̀n ojú ilẹ̀ náà. Iye tí a ń pè ní páì kéré sí 22/7 tí a fi rọ́pò rẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ náà kò tó 154. Ìbéèrè tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ onílàákàyè bèèrè ni pé: báwo ni ohun tí ó fi dín ṣe pọ̀ tó?

Archimedes, ọmọ ìlú Sírákúsì tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, ti dáhùn ìbéèrè yìí. Ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé páì ju 223/71 lọ, kò sì tó 22/7. Bí a bá fi 223/71 ṣe ìṣirò kan náà, 153.901 ni a óò rí. Ilẹ̀ náà wà láàárín 153.901 àti 154, ohun tí 154 sì fi lé kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mítà onígun mẹ́rin. Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun tí a sọ yìí kì í ṣe àbá. A kò sọ pé 'ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 154'. A sọ ibi tí kò lè kọjá lókè àti ibi tí kò lè rẹ̀ sí nísàlẹ̀.

Èyí ni a ní lọ́kàn nígbà tí a bá ń lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ìsúnmọ́ ni iye tí a fi rọ́pò iye gidi tí ọwọ́ wa kò lè tẹ̀ tán. Àṣìṣe ìsúnmọ́ ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣi ìṣirò ṣe. Ààlà òkè ni iye tí a ní ẹ̀rí pé iye gidi kò kọjá rẹ̀, ààlà ìsàlẹ̀ sì ni èyí tí a ní ẹ̀rí pé iye gidi kò kéré sí i. Àṣìṣe fúnra rẹ̀ a máa fara sin fún wa, nítorí pé bí a bá mọ̀ ọ́n gẹ́lẹ́, a ti mọ iye gidi náà nìyẹn. Ààlà rẹ̀ nìkan ni ó ṣeé mú.

Gbòǹgbò 3

A ó lo ìlọ́po-ara fún ohun tí a rí nígbà tí a bá fi iye kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Gbòǹgbò 3, tí a ń kọ báyìí: √3, ni iye tí ìlọ́po-ara rẹ̀ jẹ́ 3. Kò sí ìdá kankan, bí ó ti wù kí ó gùn tó, tí ó bá a dọ́gba. Nítorí náà, ìsúnmọ́ ni gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá kọ sílẹ̀ fún un, ì báà jẹ́ orí pátákó, ì báà jẹ́ ojú ẹ̀rọ ìṣírò.

Ẹ jẹ́ kí a mú 2 gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀. Ìlọ́po-ara 2 jẹ́ 4, ó ju 3 lọ, nítorí náà 2 ga ju √3. Ẹ wá pín 3 sí ọ̀nà 2: a rí 1.5. Iye méjì tí a bá sọ ara wọn di púpọ̀ tí ó jẹ́ 3 ni 2 àti 1.5. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ga ju √3, èkejì kò lè ṣe kí ó má rẹlẹ̀ sí √3, nítorí pé bí àwọn méjèèjì bá ga jù ú lọ, ohun tí a bá rí yóò ju 3 lọ. Báyìí ni pínpín kan ṣoṣo ṣe fún wa ní ààlà kejì lọ́fẹ̀ẹ́:

1.5 < √3 < 2

Ó bọ́gbọ́n mu kí a wá àárín àwọn méjèèjì, ìyẹn ni pé kí a rò wọ́n pọ̀, kí a sì pín in sí méjì. A rí 7/4. Bí a bá pín 3 sí ọ̀nà 7/4, 12/7 ni. Ìbéèrè kan dìde níhìn-ín tí àwọn olùkọ́ kì í sáábà dúró dáhùn: báwo ni a ṣe mọ̀ pé 7/4 ni ó wà lókè, tí 12/7 sì wà nísàlẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé ìlọ́po-ara iye yòówù tí kì í ṣe òfo ju òfo lọ. Bí x bá jẹ́ ìsúnmọ́ wa, (x − √3)² ju òfo lọ. Bí a bá tú u, a rí i pé x² + 3 ju 2x√3 lọ. Ẹ pín àwọn méjèèjì sí ọ̀nà 2x:

(x + 3/x)/2 > √3

Apá òsì ni àárín tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yẹn. Nítorí náà, ibi yòówù kí a ti bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ lókè tàbí nísàlẹ̀, lókè √3 ni àárín yóò bọ́ sí, ohun tí a bá sì rí nígbà tí a fi í pín 3 yóò bọ́ sí ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀síwájú. Àárín 7/4 àti 12/7 jẹ́ 97/56. Bí a bá sì fi í pín 3, 168/97 ni a rí. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì rọrùn láti ṣírò: 97 × 97 jẹ́ 9409, 168 × 56 sì jẹ́ 9408. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n. Nítorí náà:

97/56 − 168/97 = 1/5432

√3 há sí àárín àwọn méjì tí wọn kò jìnnà síra ju ìdá kan nínú 5432 lọ. Bí a bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, 18817/10864 ni ààlà òkè, 32592/18817 sì ni ààlà ìsàlẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn kò ju ìdá kan nínú 204,427,888 lọ. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ni a gbé láti orí 2.

Ohun tí ó mú kí ó yá tó bẹ́ẹ̀ wà nínú ìtúsílẹ̀ tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan. Bí àṣìṣe x bá jẹ́ e, àṣìṣe àárín tuntun yóò jẹ́ e²/(2x). Ìlọ́po-ara iye tí kò tó 1 a máa kéré sí iye náà fúnra rẹ̀ gan-an, nítorí náà iye ojú dẹ́símà tí ó tọ̀nà a máa fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Archimedes tí a dárúkọ ṣáájú lo ààlà méjì fún √3 nínú ìwé rẹ̀ lórí wíwọn òbìrìkìtì: 265/153 nísàlẹ̀ àti 1351/780 lókè. Kò sọ bí ó ṣe rí wọn, onírúurú àbá sì ni àwọn onímọ̀ ti gbé kalẹ̀ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n a kò nílò láti mọ ọ̀nà tí ó gbà kí a tó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlọ́po-ara 265 jẹ́ 70225, ìlọ́po-ara 153 ní ọ̀nà mẹ́ta sì jẹ́ 70227. Ti òkè fi méjì dín, nítorí náà 265/153 kò tó √3. Ìlọ́po-ara 1351 jẹ́ 1825201, ìlọ́po-ara 780 ní ọ̀nà mẹ́ta sì jẹ́ 1825200. Ti òkè fi ẹyọ kan lé, nítorí náà 1351/780 ju √3 lọ. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó mọ ìsọdipúpọ̀ lè ṣe ẹ̀rí yìí láìfọwọ́ kan àmì dẹ́símà.

Kí ni ó fi nílò méjì? Ó fi òbìrìkìtì sáàárín àwòrán onígun 96 méjì, ọ̀kan lóde, ọ̀kan nínú. Ti òde ni ó fún un ní ààlà òkè fún páì, ti inú sì fún un ní ààlà ìsàlẹ̀. Nínú ìṣirò ti òde, √3 wà lára ohun tí a fi ń pín, ohun tí a bá sì fi iye tí ó kéré pín a máa pọ̀ sí i. Nítorí náà ààlà ìsàlẹ̀ √3 ni ó gbọ́dọ̀ lò kí ó tó lè rí ààlà òkè fún páì. Ibí yìí gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti máa ń ṣubú. Wọ́n a rò pé ààlà òkè ni a fi ń wá ààlà òkè nígbà gbogbo. Bí a bá ní kí wọ́n wá ààlà òkè fún 10/√3, wọn yóò mú 1.75 tí ó jẹ́ ààlà òkè √3, wọn yóò sì kọ 5.71. Ṣùgbọ́n 10/√3 ju 5.77 lọ. Ohun tí wọ́n pè ní òrùlé ti di ilẹ̀.

Àròpọ̀ tí kò lópin

A ó yí sí ọ̀rọ̀ àròpọ̀ báyìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ìtànjẹ pọ̀ sí jù. Ẹ wo àròpọ̀ yìí:

S = 1 + 1/4 + 1/9 + 1/16 + 1/25 + ...

Ìlọ́po-ara 1, 2, 3, 4 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ni ó wà nísàlẹ̀ àwọn ìdá náà. Pietro Mengoli ará Ítálì ni ó béèrè ní ọdún 1650 pé iye wo gan-an ni àròpọ̀ yìí jẹ́, ìbéèrè náà sì dá àwọn ọ̀mọ̀wé lágara fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa gbà ni kí wọ́n máa rò ó lọ títí ẹyọ tí ó kàn yóò fi kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní í yí ojú dẹ́símà tí wọ́n ń fẹ́ padà. Bí wọ́n bá ń fẹ́ ojú dẹ́símà mẹ́ta, ẹyọ kejìlélọ́gbọ̀n, ìyẹn 1/1024, kò tó 0.001 mọ́, wọn yóò sì dúró síbẹ̀. Iye tí ó wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà jẹ́ nǹkan bí 1.614. Iye gidi ju 1.644 lọ. Ojú dẹ́símà kejì gan-an ni wọ́n ti kùnà, àṣìṣe wọn sì lé ní ọgbọ̀n ìlọ́po ẹyọ tí wọ́n kà sí aláìjámọ́ nǹkan. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ẹyọ kan kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìlóǹkà irú rẹ̀ ni ó tò sẹ́yìn rẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ fi ẹni tí ó ṣíwájú ìlà mọ bí ìlà náà ṣe gùn tó.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí ó wo 1 + 1/2 + 1/3 + 1/4 + ... Àwọn ẹyọ rẹ̀ náà ń kéré lọ sí òfo. Ṣùgbọ́n 1/3 + 1/4 ju 1/2 lọ, mẹ́rin tí ó tẹ̀lé wọn ju 1/2 lọ, mẹ́jọ tí ó tẹ̀lé ìyẹn náà ju 1/2 lọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí títí ayé. Àròpọ̀ náà kò ní ààlà òkè rárá. Ẹni tí ó bá dúró níbi tí ẹyọ kò ti tó 0.001 yóò kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún ohun tí kò ní ìdáhùn.

Ohun tí ó yẹ kí a há mọ́, nígbà náà, ni gbogbo ìyókù lápapọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ro ẹyọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ S, kí a sì wá ààlà fún ohun tí ó ṣẹ́kù láti orí 1/121 lọ.

Ìlọ́po-ara 11 ju 10 × 11 lọ, kò sì tó 11 × 12. Nítorí náà 1/121 kéré sí 1/(10 × 11), ó sì ju 1/(11 × 12) lọ. Ẹwà ibẹ̀ ni pé 1/(10 × 11) kò yàtọ̀ sí 1/10 − 1/11. Bákan náà, ẹyọ tí ó tẹ̀lé e kéré sí 1/11 − 1/12, èyí tí ó tún tẹ̀lé e kéré sí 1/12 − 1/13. Bí a bá rò gbogbo wọn pọ̀, ohun tí ọ̀kan yọ kúrò ni èyí tí ó tẹ̀lé e dá padà, kò sì sí ohun tí ó kù ju 1/10 ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ìyókù kò tó 1/10. Bí a bá ṣe é ní ti ìsàlẹ̀, 1/11 ni yóò kù. Nítorí náà ìyókù ju 1/11 lọ.

Ó wá ku ẹyọ mẹ́wàá àkọ́kọ́. Níhìn-ín ni a ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra nípa gígé dẹ́símà. Mẹ́fà nínú wọn parí láàárín ojú dẹ́símà mẹ́fà. Mẹ́rin, ìyẹn 1/9, 1/36, 1/49 àti 1/81, kò parí. Bí a bá gé gbogbo wọn sí ìsàlẹ̀ ní ojú kẹfà, àròpọ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jẹ́ 1.549766. Ohun tí a gé dànù lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò tó 0.000001, mẹ́rin sì ni wọ́n, nítorí náà àròpọ̀ gidi kò tó 1.549770. A kò gbọ́dọ̀ gé ààlà ìsàlẹ̀ sí òkè láé, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọ́dọ̀ gé ààlà òkè sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ ìṣírò kì í mọ ìyàtọ̀ yìí. Ibi tí ó bá súnmọ́ jù ni ó máa ń gé sí, ìdí sì nìyí tí ó fi yẹ kí olùkọ́ fi ojú ara rẹ̀ ṣọ́ ojú tí ó kẹ́yìn.

A fi 1/11, tí a gé sí 0.090909, kún ti ìsàlẹ̀, a sì fi 0.1 kún ti òkè:

1.640675 < S < 1.649770

Ẹyọ mẹ́wàá ti fún wa ní ohun tí ó dára ju ti ẹni tí ó ro méjìlélọ́gbọ̀n lọ, ó sì ní ẹ̀rí nínú.

Mímú ààlà há sí i

A lè ṣe dáadáa ju báyìí lọ láì ro ẹyọ kan kún un. Ìlọ́po-ara 11 jẹ́ 121; 10.5 × 11.5 sì jẹ́ 120.75. Wọ́n súnmọ́ra gan-an. Ẹyọ 1/121 kéré sí 1/120.75 díẹ̀ báyìí, 1/120.75 sì jẹ́ 1/10.5 − 1/11.5. Bí a bá tún fi ìyọkúrò pa ara wọn rẹ́ bí ti ìṣáájú, ìyókù kò tó 1/10.5, ìyẹn 2/21.

Ní ti ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí 1/121 fi dín sí 1/120.75. Ìpín tí ó fi dín jẹ́ 0.25/121, ìyẹn ìdá kan nínú 484. Ti ẹyọ tí ó kàn jẹ́ 0.25/144, ìyẹn ìdá kan nínú 576, ó sì ń kéré sí i bí a ti ń lọ. Nítorí náà gbogbo ìyókù lápapọ̀ kò fi tó ìdá kan nínú 484 dín sí 2/21. Bí a bá yọ ìdá yẹn kúrò lára 2/21, 483/5082 ni ó kù. Ìyókù wà láàárín 0.095041 tí a gé sí ìsàlẹ̀ àti 0.095239 tí a gé sí òkè. Nítorí náà:

1.644807 < S < 1.645009

Ààlà méjèèjì yóò di 1.645 bí a bá gé wọn sí ojú dẹ́símà mẹ́ta níbi tí ó súnmọ́ jù. A lè kọ 1.645 sílẹ̀ láìbẹ̀rù. A kò ní í rí i bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo: bí ààlà kan bá jẹ́ 1.6449 tí èkejì sì jẹ́ 1.6456, ojú kẹta ì báà jẹ́ 5 tàbí 6, kò sì sí ohun tí a lè ṣe ju kí a ro ẹyọ sí i.

Leonhard Euler, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú St Petersburg ní Rọ́ṣíà, ni ó kéde ní ọdún 1735 pé iye tí Mengoli ń wá ni ìlọ́po-ara páì tí a pín sí mẹ́fà. Bí a bá gba èyí, ohun tí a ti ṣe lè mú wa padà sórí òbìrìkìtì tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ ààlà méjèèjì di púpọ̀ ní ọ̀nà mẹ́fà: ìlọ́po-ara páì wà láàárín 9.868842 àti 9.870054. Ó ku kí a wá gbòǹgbò, a ó sì ṣe é bí Archimedes ti ṣe, nípa dídá àbá, kí a sì fi ìlọ́po-ara yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlọ́po-ara 3.1414 jẹ́ 9.86839396, kò tó ààlà ìsàlẹ̀. Ìlọ́po-ara 3.1417 jẹ́ 9.87027889, ó ju ààlà òkè lọ. Nítorí náà:

3.1414 < páì < 3.1417

Bí a bá fi 49 sọ àwọn méjèèjì di púpọ̀, ilẹ̀ olóbìrìkìtì tí a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà láàárín mítà onígun mẹ́rin 153.928 àti 153.944. Ẹyọ mẹ́wàá tí a rò pọ̀ lórí ìwé ti mú àlàfo tí onígun 96 fi sílẹ̀ kéré sí ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀.